Náírà, yúrò àbí sẹ́fà: èwo ló yẹ kí aránṣọ Àjàṣẹ́ fi gba owó oníbàárà ilẹ̀ òkèèrè?

Ìbéèrè méjì ló wà nínú gbígba owó lọ́wọ́ oníbàárà tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, èèyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Èkíní: owó wo la máa fi kọ iye iṣẹ́, sẹ́fà, náírà, yúrò àbí dọ́là? Èkejì: ọ̀nà wo ni owó náà máa gbà dé ọwọ́ wa? Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé máa ń jẹ owó ìfiránṣẹ́, ìyẹn sì hàn sójú. Ṣùgbọ́n irú owó tí a fi kọ iye ló ń sọ ẹni tí òfò máa bọ́ sí lọ́rùn bí pàṣípààrọ̀ bá yí láàárín ọjọ́ ìdúnàádúrà àti ọjọ́ tí owó dé. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó sì ń tà fún Nàìjíríà, òfò kejì yìí ló ń tóbi jù, òun náà sì ni kì í hàn nínú rísíìtì kankan.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan ká fi wọn gbogbo rẹ̀. Aránṣọ kan ní Àjàṣẹ́ gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí 30 láti Èkó. Aṣọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20,000 fràǹkì sẹ́fà, àpapọ̀ 600,000. Iṣẹ́ náà máa gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Oníbàárà fẹ́ san ìdajì nísinsìnyí, kó san ìdajì tó kù lọ́jọ́ tó bá wá kó aṣọ, náírà ló sì fẹ́ san.

Bí owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń rìn

Owó ilé ìtajà, owó iná, owó àwọn ọmọ iṣẹ́, sẹ́fà ni gbogbo wọn. Nítorí náà sẹ́fà ni òṣùwọ̀n. Owó yòówù tí ẹ bá gbà, ohun tó máa di ní sẹ́fà ló ṣe pàtàkì.

Yúrò kò yí sí sẹ́fà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù January 1999, yúrò kan jẹ́ 655.957 fràǹkì sẹ́fà, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà òmìnira, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n já iye sẹ́fà wálẹ̀, ní January 1994, kí yúrò tó dé. Bí ẹ bá kọ iye iṣẹ́ ní yúrò fún ẹni tó wà ní ilẹ̀ Faransé, 600,000 yẹn jẹ́ yúrò 914.69. Bó bá san lónìí, bó bá san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 600,000 náà ni, àfi ohun tí ẹni tó ń gbé owó náà bá yọ.

Dọ́là yàtọ̀. Sẹ́fà so mọ́ yúrò, kò so mọ́ dọ́là, nítorí náà bí yúrò àti dọ́là bá ń jà, sẹ́fà ń bá yúrò lọ. Ní September 2022, yúrò bọ́ sábẹ́ dọ́là kan, dọ́là kan sì ju 655 fràǹkì lọ. Ní July 2025, dọ́là kan ti wá sí nǹkan bí 560. Ẹni tó fi dọ́là kọ iye ọjà rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní 2022, tí kò tún un kọ, ti pàdánù ohun tó tó ọgọ́rùn-ún fràǹkì lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan láìsí ẹni tó jí i lówó. Ó máa ń rọra ṣẹlẹ̀ ni, nítorí náà kíkọ iye tuntun ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tó fún dọ́là.

Náírà ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ June 2023, nǹkan bí 460 náírà ni ìjọba Nàìjíríà ń pe dọ́là kan. Láàárín oṣù yẹn ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú okùn náírà sílẹ̀, nígbà tó sì fi máa di February 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Ẹni tó ní náírà lọ́wọ́ láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn mọ ohun tó rí. Kì í ṣe gbogbo ọdún ló ń rí bẹ́ẹ̀, náírà tún máa ń dúró, ó tiẹ̀ máa ń gbéra díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ iye iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní náírà ti fi èrè rẹ̀ sọ́wọ́ ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ kan náà, ọ̀nà mẹ́ta tí a lè gbà dúnàádúrà

Àwọn iye pàṣípààrọ̀ tó wà níbí, àpẹẹrẹ ni wọ́n, kí ìṣirò lè hàn. Ẹ fi iye ọjọ́ yín rọ́pò wọn.

Lọ́jọ́ ìdúnàádúrà, gbogbo ènìyàn ń sọ pé 1,000 náírà jẹ́ 400 fràǹkì. Aránṣọ wa bá sọ pé 600,000 fràǹkì jẹ́ 1,500,000 náírà, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 400 yẹn kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni máa fún un. Onípàṣípààrọ̀ owó ń ra 1,000 náírà ní 395, ó sì ń tà á ní 405. Àárín méjèèjì ni oúnjẹ rẹ̀. Àsansílẹ̀ 750,000 náírà tó gbà di 296,250 fràǹkì. Fràǹkì 3,750 ti lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí pàṣípààrọ̀ tiẹ̀ tó yí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, onípàṣípààrọ̀ ń ra 1,000 náírà ní 370. Oníbàárà mú 750,000 tó kù wá gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, kò jẹ gbèsè kankan, kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Owó náà di 277,500. Àpapọ̀ jẹ́ 573,750. Fràǹkì 26,250 ti sọnù nínú 600,000, ìyẹn sì ju owó aṣọ kan lọ.

Bí a bá gba àsansílẹ̀ tó pọ̀ sí i, ìyẹn 70 nínú 100, òfò dínkù, ṣùgbọ́n kò tán. Bí a bá kọ iye náà ní sẹ́fà, tí a jẹ́ kí oníbàárà san náírà tó bá iye tí onípàṣípààrọ̀ ń rà lọ́jọ́ ìsanwó kọ̀ọ̀kan mu, òfò náà kúrò lọ́rùn aránṣọ.

| Bí a ṣe dúnàádúrà | Àsansílẹ̀ di | Ìyókù di | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|
| Iye ní náírà, àsansílẹ̀ ìdajì | 296,250 | 277,500 | 573,750 |
| Iye ní náírà, àsansílẹ̀ 70 nínú 100 | 414,750 | 166,500 | 581,250 |
| Iye ní sẹ́fà, náírà ọjọ́ ìsanwó | 300,000 | 300,000 | 600,000 |

Nínú ìlà kẹta, oníbàárà Èkó máa san nǹkan bí 759,500 náírà lọ́jọ́ kìíní, àti nǹkan bí 811,000 lọ́jọ́ ìkẹyìn. Owó tó san lé yẹn ni ìdí tí àwọn kan fi máa ń kọ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi èyí pamọ́ fún un títí di ọjọ́ tó bá wá kó aṣọ. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá kọ̀ jálẹ̀ pé náírà kan ṣoṣo tí kò ní yí lòun fẹ́, ẹ lo iye ìrà, kì í ṣe iye àárín: 600,000 tí a pín sí 395, tí a sì sọ di ìlọ́po 1,000, jẹ́ nǹkan bí 1,519,000 náírà. Lẹ́yìn náà ẹ fi ohun tí ẹ rò pé náírà lè fi rẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kún un. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún máa gbé e dé nǹkan bí 1,595,000. Ẹ kọ ọ́ pé iye yìí dúró fún ọjọ́ méje péré. Bí àsansílẹ̀ kò bá wọlé láàárín ọjọ́ méje, ẹ tún un ṣírò.

Àṣìṣe kan wà tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ní ibodè. Àwọn kan ń ka pàṣípààrọ̀ báyìí pé 1,000 náírà jẹ́ 400 fràǹkì. Àwọn mìíràn ń kà á pé fràǹkì kan jẹ́ náírà 2.50. Ohun kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí náírà bá ń rẹlẹ̀, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń kéré, èkejì ń tóbi: 370 ní ìkà kìíní jẹ́ 2.70 ní ìkà kejì. Ẹni tó gbọ́ pé "ó ti gòkè dé 2.70" tó sì rò pé náírà òun ti níye sí i, ó ti lóye rẹ̀ sódì. Ẹ máa béèrè ìbéèrè méjì lẹ́ẹ̀kan náà: "Mélòó lẹ ń ra 1,000 náírà? Mélòó lẹ ń tà á?" Ẹni tó bá sọ ọ̀kan tó sì fi èkejì pamọ́, ẹ lọ bá ẹlòmíràn.

Náírà tí kò ní ìdí láti di sẹ́fà

Ohun tó wà nínú tábìlì yẹn rò pé gbogbo náírà ni a máa ṣẹ́ sí sẹ́fà. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ aránṣọ Àjàṣẹ́, nítorí Èkó ni wọ́n ti ń ra léèsì, òwú àti aṣọ abẹ́, ní ọjà Balógun. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ohun èlò aṣọ ẹbí wa yìí máa gba 500,000 náírà lọ́jà yẹn. Bí aránṣọ bá ṣẹ́ gbogbo àsansílẹ̀ rẹ̀ sí sẹ́fà ní 395, kó tó wá lọ ra náírà padà ní 405 láti fi ra aṣọ, 500,000 náírà tó di 197,500 fràǹkì lọ́wọ́ rẹ̀ máa gba 202,500 lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Fràǹkì 5,000 lọ sí ọwọ́ onípàṣípààrọ̀ lórí ìrìn àlọ àti àbọ̀ tí kò wúlò.

Ohun tó dára jù ni kí àsansílẹ̀ náírà lọ tààrà sọ́wọ́ ẹni tó ń ta aṣọ, lọ́jọ́ kan náà tàbí ọjọ́ kejì, kí a tó ṣẹ́ ohun tó ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn èyí, iye àsansílẹ̀ máa ní ìtumọ̀ tuntun: kì í ṣe "ìdajì" mọ́. Ó gbọ́dọ̀ tó gbogbo ohun tí ẹ máa rà ní náírà, kó sì lé díẹ̀ fún owó ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́. Níbí, 750,000 tó bẹ́ẹ̀: 500,000 ra aṣọ, 250,000 di 98,750 fràǹkì. Ìyókù ni ẹ wá kọ ní sẹ́fà. Ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń gba èyí ju kí gbogbo iye jẹ́ sẹ́fà lọ, nítorí wọ́n rí i pé apá kan náírà ni, apá kan sẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí ìnáwó iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi náírà pamọ́ nítorí pé "màá tún ra aṣọ lóṣù mẹ́ta sí i". Bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ máa rà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ṣẹ́ ẹ.

Owó nínú àpò tàbí àkáǹtì Nàìjíríà?

Fún ẹni tó ń ta iṣu ní Ṣábẹ̀ tàbí gàrí ní Kétu fún ẹni tó gba ọ̀nà Ìlárá wá, tí ọjà ń lọ tí owó ń bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, owó nínú àpò dára. Pàṣípààrọ̀ kò ní àyè láti yí láàárín wákàtí mẹ́ta. Ìṣòro tirẹ̀ ni ìwọ̀n: 1,000 náírà ni owó bébà tó tóbi jù ní Nàìjíríà, nítorí náà 1,500,000 jẹ́ bébà 1,500, ìdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí 600,000 fràǹkì jẹ́ bébà 60 ti 10,000. Kíka ìdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú ọ̀nà Ìgòlò kò bójú mu. Ẹ kà á ní ibi tó ní ilẹ̀kùn, kí ẹ sì tú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ayédèrú owó àti bébà tó kù nínú ìdì máa ń wà láàárín, kì í wà lókè. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ láti August 2019 títí di December 2020, ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí owó nínú àpò kò rí owó gbà.

Àkáǹtì ní Nàìjíríà yá, ó sì dára fún aṣọ ẹbí, nítorí oníbàárà lè san láti orí fóònù rẹ̀, ẹ sì lè san fún aláṣọ ní Balógun láti inú rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ti ara yín, tí ẹ ń lo ti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹ ní láti mọ̀ pé lójú báǹkì, tirẹ̀ ni owó náà. Bí wọ́n bá dí àkáǹtì náà, ẹ̀yin kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ má fi owó sùn síbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó sọ pé owó ti wọlé kì í ṣe owó. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì, ẹ wo iye tó wà níbẹ̀, kí aṣọ tó kúrò nílé.

Láti kó owó náà jáde, onípàṣípààrọ̀ máa ń ní kí ẹ fi náírà ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun ní Nàìjíríà, kí òun ka sẹ́fà sí yín lọ́wọ́. Iye tó máa fún yín lórí owó àkáǹtì lè yàtọ̀ sí ti owó nínú àpò, nítorí náà ẹ sọ irú èyí tí ẹ ní kí ó tó dá yín lóhùn. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń fi sílẹ̀. Ẹ pín in: ẹ rán 100,000 náírà, ẹ gba sẹ́fà rẹ̀, kí ẹ tó rán èyí tó kù, kí ẹ sì wà níbi tó ti ń ka owó. Òfin pàṣípààrọ̀ owó ní ilẹ̀ wa fi iṣẹ́ yìí fún àwọn tó gba ìwé àṣẹ. Ẹ lọ síbi tí ìwé àṣẹ wà, tí wọ́n sì ń fún yín ní rísíìtì.

Láti Faransé àti Amẹ́ríkà

Níbí, ibi tí owó ń bọ́ sí ni ọwọ́ ẹni tó ń gbé e. Fún yúrò, ẹ ní òṣùwọ̀n tí kì í tàn yín: 655.957. Bí Western Union, Ria tàbí ẹlòmíràn bá ń fún oníbàárà ní iye tó kéré sí èyí, ohun tó fi kéré náà jẹ́ owó iṣẹ́ tí wọn kò pè lórúkọ. Ẹni tó bá rán yúrò 914.69 ní 645 dípò 655.957, ohun tó máa dé ọwọ́ yín jẹ́ nǹkan bí 589,975. Fràǹkì bí 10,000 ti lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ "owó ìfiránṣẹ́: 0" síbẹ̀. Ẹ sọ fún oníbàárà pé kó máa wo iye sẹ́fà tó máa dé, kì í ṣe iye yúrò tó ń jáde. Fún owó kékeré, ọ̀nà yìí tàbí èyí tó ń wọ MTN MoMo, Moov Money tàbí Celtiis Cash tààrà yá ju báǹkì lọ. Ẹ ṣọ́ ààlà iye tí àkáǹtì orí fóònù yín lè gbà.

Báǹkì dára fún owó ńlá, nítorí owó iṣẹ́ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ iye kan pàtó: yúrò 20 tó bọ́ sọ́nà pọ̀ jù lórí 100, kò tó nǹkan lórí 5,000. Ẹ fún oníbàárà ní IBAN yín, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BJ tó sì ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 28, pẹ̀lú nọ́ńbà BIC báǹkì yín. Ìfiránṣẹ́ SEPA ti àárín ilẹ̀ Yúróòpù kò dé Bẹ̀nẹ̀; ìfiránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè ni yóò yàn. Níbẹ̀ ni wọ́n máa bi í ta ló máa san owó ọ̀nà. OUR: òun. SHA: ẹ pín in. BEN: ẹ̀yin. Bó bá yan SHA láìbèèrè, báǹkì àárín ọ̀nà lè yọ tirẹ̀, kí 895 dé dípò 914.69, ìyẹn nǹkan bí 587,000 fràǹkì. Bí owó bá dé tó sì dín, tí nọ́ńbà tó dín kò bá pàṣípààrọ̀ mu, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ kọ OUR sínú ìwé owó ọjà tí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ sì pa ìwé náà mọ́, nítorí báǹkì yín lè bi yín ibi tí owó ti wá.

Káàdì, nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ bíi FedaPay tàbí KKiaPay, ní àǹfààní kan tó dára fún ẹni tó ń ta fún Amẹ́ríkà: ẹ kọ iye ní sẹ́fà, báǹkì oníbàárà ló ń ṣẹ́ dọ́là rẹ̀. Pàṣípààrọ̀ kò kàn yín. Ilé iṣẹ́ náà máa yọ díẹ̀ nínú owó náà, ẹ fi kún iye yín. Ṣùgbọ́n oníwun káàdì lè sọ fún báǹkì rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀ pé ọjà kò dé, kí wọ́n sì fa owó náà padà lọ́wọ́ yín. Rísíìtì ìfiránṣẹ́ ẹrù tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ ni ẹ̀rí tí ẹ máa fi jà.

Fún oníbàárà Èkó wa, ohun tó yẹ kó rí gbà lórí WhatsApp kí abẹ́rẹ́ tó kan aṣọ rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Aṣọ ẹbí 30, àpapọ̀ 600,000 fràǹkì sẹ́fà. Àsansílẹ̀ 750,000 náírà, tí a máa kà sí fràǹkì gẹ́gẹ́ bí iye tí wọ́n ń rà á lọ́jọ́ tó bá wọlé. Ìyókù jẹ́ sẹ́fà. Bí ẹ bá fẹ́ san náírà, iye ìrà ọjọ́ ìsanwó la máa lò, a ó sì fi ránṣẹ́ sí yín ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Iye yìí dúró fún ọjọ́ méje. Aṣọ máa jáde lẹ́yìn tí owó bá ti hàn nínú àkáǹtì."